Ṣé Àwòrán Ló Ta Bàtà Ni, Àbí Ọdún?

ÌBÉÈRÈ

Sabon Gari ní Kano ni mo ń gbé, lẹ́bàá Òpópónà Yorùbá. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo sì ti ń jẹun. Sálúbàtà awọ tí ọkùnrin ń wọ̀ ni mò ń tà. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ awọ ní Kofar Wambai ni mo ti ń kó o, orí ẹ̀rọ ayélujára ni mo ti ń tà á, n kò ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, àwòrán kan náà ni mo ń lò níwájú: bàtà méjì lórí aṣọ funfun, ó tán. Àkọlé rẹ̀ ni `Men's Leather Slippers`. Láìpẹ́ yìí mo pe ẹni tó ń ya fọ́tò. A fi bàtà náà sí ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó wọ káfútáànì funfun, ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, àwòrán náà sì wuyì. Mo wá yí àkọlé sí `Kano Handmade Pure Leather Slippers for Men - Sallah Gift`.

Ohun tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo lò kẹ́yìn pẹ̀lú ti àtijọ́, ọjà mi hàn lójú àwọn èèyàn nígbà 6,200. Èèyàn 124 tẹ̀ ẹ́ láti wò ó, 6 rà á. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ pẹ̀lú ti tuntun, ó hàn nígbà 9,800, èèyàn 343 tẹ̀ ẹ́, 9 rà á. Èmi ní ká dúpẹ́. Àbúrò mi ní kí n dá ti àtijọ́ padà kíá, pé tẹ́lẹ̀ bí 5 nínú 100 àwọn tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ń rà, ó ti wá di bí 3 báyìí. Ta ló jàre nínú wa? Mo gbàgbé láti sọ pé ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí ìparí ọ̀sẹ̀ kejì ti tuntun náà.

Oníbàtà, Sabon Gari, Kano.

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ohun tí o ní o gbàgbé yẹn gan-an ló yẹ kó ṣáájú nínú lẹ́tà rẹ. Ní Kano, lásìkò tí gbogbo ọkùnrin ń wá bàtà tuntun tí wọn yóò wọ̀ lọ sí ibi ìrun ọdún, o yí àwòrán padà, o wá ń bi mí bóyá àwòrán ló ta ọjà. Kódà bí o bá fi àwòrán ewúrẹ́ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, wọn yóò tẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú aáwọ̀ tó wà láàárín ìwọ àti àbúrò rẹ, torí pé ojúlówó ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Iye ìtẹ̀ ni ìwọ ń wò. Nígbà tó hàn nígbà 6,200 tí 124 tẹ̀ ẹ́, 2 nínú 100 nìyẹn. Nígbà tó hàn nígbà 9,800 tí 343 tẹ̀ ẹ́, ó di 3 àbọ̀ nínú 100. Lóòótọ́, ó gòkè. Àbúrò rẹ ń wo ìdá àwọn tó rà nínú àwọn tó tẹ̀, ìyẹn náà sì já wálẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ilé ni kálukú yín dúró sí tó ń ṣàpèjúwe ilé. Ẹ pín iye ọ́dà lé orí iye ìgbà tí ọjà hàn, kí ẹ wò ó: ọ́dà 6 nínú ìfarahàn 6,200 jẹ́ bí 0.97 nínú ẹgbẹ̀rún kan, ọ́dà 9 nínú 9,800 jẹ́ bí 0.92. Ọgbọọgba ni. Àwòrán tuntun pe èrò púpọ̀ sí i wá sẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó wọlé wá rajà nínú wọn kò sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó kàn fẹ́ fojú lóúnjẹ ló pọ̀ sí i.

Ìdí nìyí tí ìdá àwọn tó rà fi lè já wálẹ̀ láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́. Àwòrán tó bá wuyì a máa fa ẹni tí kò múra àtirà mọ́ra, nígbà tí o bá sì pín ọ́dà lé orí àwọn wọ̀nyẹn, ìdá náà yóò kéré. Bí àbúrò rẹ bá fi ìyẹn nìkan dájọ́, yóò máa yan àwòrán tí kò wu ẹnikẹ́ni. Bí ìwọ náà bá fi ìtẹ̀ nìkan dájọ́, ìwọ yóò máa yan àwòrán tó ń pe àwọn arìnrìn-gbẹ̀fẹ́. Ọ́dà nínú ẹgbẹ̀rún ìfarahàn ni adájọ́, ẹlẹ́rìí ni àwọn méjì yòókù.

Ní báyìí, ṣé a lè wá sọ pé àwòrán tuntun kò dára ju ti àtijọ́ lọ? A kò lè sọ bẹ́ẹ̀ náà. Ohun mẹ́ta lo dà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: o yí àwòrán padà, o yí àkọlé padà, àsìkò sì yí padà fúnra rẹ̀. Kò sí oníṣirò tó lè yọ ẹyọ kan kúrò nínú àdàpọ̀ yẹn. Ọ́dà 6 àti 9 náà kéré jù. Òṣùwọ̀n kan wà tí mo máa ń lò, ó rọrùn: bí ìfarahàn ìhà méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ro iye ọ́dà méjèèjì pọ̀, wá nọ́ńbà tí a bá sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ tó máa fún ọ ní àpapọ̀ náà, kí o sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ìyàtọ̀ ọ́dà méjèèjì gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ kí o tó gbà á gbọ́. 6 àti 9 jẹ́ 15. Nọ́ńbà tí a ń wá lé díẹ̀ ní 3.8, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì sún mọ́ 8. Ìyàtọ̀ tìrẹ jẹ́ 3 péré, ìfarahàn rẹ kò sì dọ́gba pàápàá. Bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí lásán lè bí ìyàtọ̀ 3.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ti rí ojú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1919, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Ronald Fisher bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oko ìwádìí Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí èèyàn bá fi ajílẹ̀ tuntun sí apá oko tó wà létí odò, tó fi ti àtijọ́ sí orí àpáta, ta ni yóò mọ̀ bóyá ajílẹ̀ ló mú ọkà dára àbí odò? Ohun tí Fisher ní kí wọ́n máa ṣe ni pé kí wọ́n pín oko sí ẹsẹẹsẹ, kí wọ́n wá ṣẹ́ kèké fún èyí tí yóò gba ajílẹ̀ tuntun nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé rẹ̀ lórí ọ̀nà yìí jáde ní 1935. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967 kò kúrò lójú ọ̀nà yẹn: bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ tuntun wé ti àtijọ́, wọn kì í fi ti tuntun sí ilẹ̀ tó sanra nìkan. Ọjọ́ ni oko tìrẹ. Ọjọ́ kan lè sanra ju èkejì lọ, tìrẹ sì ni láti rí i pé kèké ló pín wọn, kì í ṣe ìwọ.

Bí mo ṣe fẹ́ kí o ṣe é nìyí. Dá àkọlé àtijọ́ padà ná, kí o má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Àwòrán nìkan ni kí o dán wò. Dúró títí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún yóò fi kọjá. Gé bébà méjì, kọ Àtijọ́ sí ọ̀kan, kọ Tuntun sí èkejì, ká wọn, jù wọ́n sínú fìlà, kí o sì jẹ́ kí ọmọdé inú ilé yọ ọ̀kan fún ọjọ́ Ajé. Dá a padà, kó yọ ọ̀kan fún ọjọ́ Ìṣẹ́gun, títí tí ọjọ́ méje yóò fi pé. Bí Jímọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ kìíní bá bọ́ sọ́wọ́ Tuntun, Jímọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ti Àtijọ́ dandan. Nípa bẹ́ẹ̀, Jímọ̀ọ́ yóò wé Jímọ̀ọ́, Àìkú yóò wé Àìkú. O mọ̀ dáadáa pé ní Sabon Gari tiyín, bí ṣọ́ọ̀ṣì bá kún lọ́jọ́ Àìkú, fóònù á dákẹ́, lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ ẹ̀wẹ̀, ìrun ni gbogbo ọ̀sán ní ìyókù ìlú. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ọmọdé tún yọ bébà, ọ̀sẹ̀ kẹrin á yí i padà. Ọjọ́ 28 nìyẹn, ọjọ́ ìbejì 14.

Má yan ọjọ́ fúnra rẹ o. Mo mọ bí ọkàn oníṣòwò ṣe rí. Bí o bá ń yan án, àwòrán tí o san owó fún ni ọkàn rẹ yóò fún ní ọjọ́ tí owó oṣù wọlé.

Ní gbogbo ọjọ́ 28 yẹn, iye owó bàtà kò gbọ́dọ̀ yí padà, má polówó, má sì ṣe ẹ̀dínwó. Bí ẹsẹ̀ 43 bá tán lọ́wọ́ rẹ ní ìdajì ọ̀nà, kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tí kò rí ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò lọ, àwòrán ọjọ́ yẹn lo máa wá dá lẹ́bi. Alẹ́ ni kí o máa pààrọ̀ àwòrán, lẹ́yìn agogo mọ́kànlá, kí o sì fi fóònù ẹlòmíràn wò ó láàárọ̀, nítorí fóònù tìrẹ lè máa gbé ti àná wá. Ibì kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí àwòrán tuntun hàn títí òṣìṣẹ́ wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, èyí sì lè gba ọjọ́ kan gbáko. Bí tìrẹ bá rí bẹ́ẹ̀, má pààrọ̀ lójoojúmọ́ mọ́. Lo ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o yọ ọjọ́ àkọ́kọ́ inú rẹ̀ dànù, kí o sì fún un ní oṣù méjì ó kéré tán.

Àbùkù kan wà tí pípààrọ̀ ọjọ́ kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó rí àwòrán àtijọ́ lọ́jọ́ Ajé lè kó bàtà sínú apẹ̀rẹ̀, kó wá sanwó lọ́jọ́bọ̀ tí ti tuntun wà lójú. Ọ́dà rẹ̀ yóò bọ́ sí àpò ẹni tí kò ni ín. Ètò tó ń to ọjà sókè sísàlẹ̀ náà máa ń rántí: bí ti tuntun bá fa ìtẹ̀ púpọ̀ lónìí, ó lè gbé ọjà rẹ sókè lọ́la, kí ti àtijọ́ máa jẹ nínú rẹ̀. Ohun méjèèjì yìí máa ń fún ìyàtọ̀ pọ̀ ni, wọn kì í dá a sílẹ̀ níbi tí kò sí. Nítorí náà, bí o bá rí ìyàtọ̀ tó lágbára láìka wọn sí, fọkàn balẹ̀.

Kí ló dé tí mo ní kí o má fọwọ́ kan àkọlé nínú ìdánwò yìí? Torí pé àwòrán kì í yí àwọn tó ń rí ọjà padà, àkọlé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ `sallah gift` sínú àpótí ìwákiri kì í ṣe ẹni tó kọ `leather slippers`. Nígbà tí o fi ọ̀rọ̀ ọdún kún àkọlé, o lọ dúró ní ọjà mìíràn, níbi tí àwọn tó ń wá ẹ̀bùn wà, tí bàtà rẹ jókòó ti tùràrí àti aago ọwọ́. Bóyá ìdí rèé tí ìfarahàn rẹ fi fò láti 6,200 sí 9,800. Bí ìdá ìtẹ̀ bá wá yí padà, a kò mọ̀ bóyá àkọlé ló dùn tàbí àwọn òǹwòran ló yàtọ̀. Àkọlé lè dín ìdá ìtẹ̀ kù kó sì mú ọ́dà pọ̀, nítorí pé ó gbé ọjà dé ibi púpọ̀. Nítorí náà, bí o bá dé orí ti àkọlé, ìṣirò yí padà: ọ́dà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni kí o fi wé ara wọn. Bí ibi tí o ti ń tajà bá ń fi ọ̀rọ̀ ìwákiri hàn ọ́, mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àkọlé méjèèjì ní, irú bíi `leather slippers`, kí o fi ìdá ìtẹ̀ wọn wé ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan. Gbé ọ̀sẹ̀ kan fún àkọlé kan, má ṣe é lójoojúmọ́, nítorí ètò ìwákiri máa ń pẹ́ kó tó mọ̀ pé o ti yí orúkọ padà.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Àdìrẹ ọ̀pá márùn-ún ni èmi àti ọmọ mi obìnrin ń tà. Àwòrán àtijọ́ jẹ́ aṣọ tí a ká sílẹ̀. Ti tuntun jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó fi í rán bùbá, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi máńgòrò. A ṣẹ́ kèké fún ọjọ́ 28. Ti àtijọ́ hàn nígbà 13,400, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà 281. Ti tuntun hàn nígbà 13,100, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà 372. Nínú ọjọ́ ìbejì 14, ìdá ìtẹ̀ ti tuntun ló ga ní 12. Bí ó bá jẹ́ pé oríire lásán ni, bí ẹni ń da owó, kí ọ̀kan borí tó 12 nínú 14 ṣọ̀wọ́n gan-an. Ọmọ mi fò sókè. Ọjọ́ kẹwàá gan-an ló ti fẹ́ kí a dá ìdánwò dúró, torí pé ti tuntun ti borí nínú ọjọ́ ìbejì mẹ́ta léraléra. Mo ní kó jókòó. Ẹni tó bá ń yọjú wo ìkòkò lójoojúmọ́ tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá wù ú yóò máa jẹ tútù.

Ọ́dà wá dé: 17 fún ti àtijọ́, 14 fún ti tuntun. Nínú 14 yẹn, 5 dá aṣọ padà. Nígbà tí mo ṣí àwọn ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kọ ránṣẹ́, ìbéèrè kan náà ló kún ibẹ̀: ṣé ó ti wà ní rírán? Ìwọ̀n wo ló wà? Bùbá ni wọ́n tẹ̀, kì í ṣe aṣọ. 17 àti 9 nìyẹn, ìyàtọ̀ 8, òṣùwọ̀n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì béèrè ju 10 lọ, nítorí náà n kò lè búra pé àwòrán náà pa wá lára. Ohun tí mo lè búra sí ni pé ìtẹ̀ 91 tó lé yẹn kò bí ọ́dà kankan. A yọ àwòrán náà. Èyí tí a wá dán wò lẹ́yìn rẹ̀ ni aṣọ tí a tẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìwọn-aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbéèrè bùbá sì dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, wo àwòrán tìrẹ dáadáa. Káfútáànì funfun wà níbẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Ka àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti béèrè iye owó káfútáànì, o ti mọ ibi tí ìtẹ̀ rẹ ti ń jò. Má sì ka ọ́dà kankan títí àkókò tí oníbàárà lè fi dá ọjà padà yóò fi kọjá.

O lè bi mí pé ìfarahàn mélòó ló tó. Bí ìdá ìtẹ̀ rẹ bá jẹ́ 2 nínú 100, tí o sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwòrán tuntun gbé e dé 2 àbọ̀, o nílò bí 14,000 fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú 6,200 ní ọ̀sẹ̀ méjì, oṣù kan kò ní tó ọ, bí oṣù méjì ni, nítorí náà bí ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ kò bá fi ìyàtọ̀ tó lágbára hàn, tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdá àwọn tó rà gòkè láti 4 sí 5 nínú 100 àwọn tó tẹ̀ ẹ́, o nílò ìtẹ̀ tó ju 6,000 lọ fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìtẹ̀ 124 ni ìwọ ń rí ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún mélòó kan lo máa fi ṣe é, bàtà náà á ti kúrò lóde. Òtítọ́ tí àwọn tó ń kọ́ni ní òwò orí ẹ̀rọ kì í fẹ́ sọ ni pé ṣọ́ọ̀bù kékeré lè dá ẹjọ́ ìtẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹjọ́ ìyàtọ̀ kékeré nínú ọ́dà. Ìyàtọ̀ ńlá nìkan ni yóò rí, bí ìgbà tí ọ́dà bá já sí ìdajì.

Bí o bá ní owó díẹ̀, ọ̀nà kan yára jù. Nínú `Ads Manager` ti Fesibúùkù, irinṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní `A/B test`. Òun ló ń pín àwọn èèyàn sí méjì ní àkókò kan náà, kí ẹnikẹ́ni má rí àwòrán méjèèjì, ọdún tàbí ọjọ́ Jímọ̀ọ́ kò sì lè dà á rú. Má fi àwòrán méjì sínú ìpolówó kan lásán kí o pè é ní ìdánwò o. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, ètò náà yóò da owó lé èyí tó kọ́kọ́ rí ojúure, èkejì kò ní rí èèyàn tó pọ̀ tó. Lórí Amazon, ẹni tó bá ti forúkọ àmì ọjà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní `Manage Your Experiments`, tó ń pín àwọn òǹrajà fún àwòrán àti àkọlé bákan náà. Àwọn kan máa ń gbé ọjà kan náà síta lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àwòrán méjì. Má gbìyànjú rẹ̀. Èyí tó ti ní ìràwọ̀ àti ìyìn àwọn oníbàárà tẹ́lẹ̀ yóò borí láìka àwòrán sí, ọ̀pọ̀ ibi ìtajà ni kò sì gbà á láyè.

Ìdájọ́ mi nìyí: ìwọ kò jàre, àbúrò rẹ náà kò jàre. Yọ `Sallah Gift` kúrò lára àkọlé lónìí, nítorí ọdún ti kọjá, dá àkọlé àtijọ́ padà, kí o sì jẹ́ kí àbúrò rẹ máa di fìlà mú nígbà tí ọmọdé bá ń yọ bébà. Fi ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ 28 náà ránṣẹ́ sí mi, bóyá ó dára tàbí kò dára, kí n wò ó.